Ìbéèrè kẹfà: bí a ṣe ń mọ̀ pé òṣùwọ̀n tí a túmọ̀ sí Yorùbá ṣì ń wọn ohun tó yẹ kó wọ̀n

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ má bínú sí ariwo jẹnẹrétọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò yéé bi mí pé, "Mà, ṣebí a ti túmọ̀ ẹ̀, kí ló tún kù?" Gbólóhùn kan péré ni mo máa fi dá yín lóhùn.

Òṣùwọ̀n tó wà lọ́wọ́ mi yìí ni EPDS. Cox, Holden àti Sagovsky gbé e jáde ní 1987, láti Sìkọ́tíláǹdì, láti fi wá ìyá ìkókó tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jà. Ìbéèrè 10 ni, nípa ọjọ́ 7 tó kọjá, máàkì 0 sí 3 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ gba àṣẹ. Kí èèyàn méjì túmọ̀ ẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ fi méjèèjì ṣe ọ̀kan, kí ẹnì kẹta tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì rí dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ti mọ ìyẹn, ẹ jẹ́ ká tẹ̀síwájú.

Ìbéèrè kẹfà rèé. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ìyá ní nǹkan ń gun òun lórí, ìyẹn ni pé wàhálà ti ju agbára òun lọ. Àwọn tó bá mi túmọ̀ ẹ̀ kọ ọ́ báyìí: "Nǹkan ti ń gorí mi." Ẹni tó dá a padà kọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ gẹ́lẹ́, kò yẹ̀ rárá. Inú gbogbo wa dùn. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà! Ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa máa ń gbúròó Gẹ̀ẹ́sì náà lábẹ́ Yorùbá, á sì tún un kọ. Ìyẹn ò sọ pé ẹni tó ń ta ata ní Tákíé gbọ́ ọ yé.

Mo bá gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹ gbọ́ o, ẹ má bi ìyá kankan pé "Ṣé ó yé yín?" Mo kórìíra ìbéèrè yẹn! Ọmọ Yorùbá tó ní ẹ̀kọ́ á ní ó yé òun, kó má baà dójú tì yín. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé, "Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹnu ara yín sọ ohun tí ẹ gbọ́ fún mi."

Ìyá Ìbejì kan ronú díẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ṣé èyí tó máa ń gun èèyàn lójú oorun ni? Kò gùn mí rí o." Tó bá jẹ́ orí ìwé ni, 0 ni ì bá gbà. Ó wá gbé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà sí èjìká kejì, ó ní, "Ṣùgbọ́n látìgbà tí mo ti bí wọn, apá mi ò ká nǹkan mọ́."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. "Apá mi kò ká nǹkan mọ́." Àwọn ìdáhùn abẹ́ ìbéèrè náà sì ń sọ nípa bóyá apá ká a tàbí kò ká a, ó bára mu wẹ́kú. A gbé e lọ fún àwọn ìyá mìíràn títí tí a ò gbọ́ àṣìgbọ́ tuntun mọ́. Ọgbọ́n tí mo fi ń yangàn nìyẹn: ẹnu àwọn tí ẹ fẹ́ wọ̀n ni kí ẹ ti gba ọ̀rọ̀.

Ẹnì kan bèèrè lábẹ́ fídíò tó kọjá nípa àwọn tí kò mọ̀wé. Ẹ kà á sí wọn létí, ọ̀rọ̀ kan náà fún gbogbo wọn, níbi tí ìyá ọkọ ò ti ní gbọ́.

Ó ti kan ìṣirò. Èmi kì í lo ìyá tó dín ní 100. Bí ẹ bá tẹ ìdáhùn ní 0 sí 3 bó ṣe tò lórí ìwé, ẹ gbọ́dọ̀ yí ìbéèrè 3 àti 5 sí 10 padà, torí èyí tó burú jù ló ṣáájú níbẹ̀. Nínú R, d ni tábìlì ìdáhùn àwọn ìyá, òpó kan fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, láti 1 dé 10:

```
library(psych)
d[, c(3,5:10)] <- 3 - d[, c(3,5:10)]
alpha(d)
```

Ẹ wo `raw_alpha`, tó ń sọ bí gbogbo ìbéèrè náà ṣe bára wọn mu: 0.70 sókè dára. Ẹ wá wo `r.drop`, tó ń sọ bí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ṣe bá àwọn yòókù rìn. Bó bá ní àmì ìyọkúrò, ẹ ti gbàgbé àtiyí i padà nìyẹn. Bí kò bá tó 0.30, ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn ìyá kẹ́ ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́. Ìbéèrè 10, tó ń bèèrè bóyá ìyá ti ronú láti ṣe ara rẹ̀ léṣe, lè kéré torí pé, lẹ́yìn tí ẹ bá yí i padà, 0 ni ọ̀pọ̀ á mú. Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá mú ju 0 lọ níbẹ̀, kó rí dókítà lọ́jọ́ náà.

Àmọ́ `raw_alpha` ò lè sọ bóyá ìrẹ̀wẹ̀sì ni ẹ ń wọ̀n. Lọ́hùn-ún ní 1987, ẹni tí àròpọ̀ máàkì rẹ̀ bá jẹ́ 13 sókè ni wọ́n kà sí ẹni tó ṣeé ṣe kó ní àìsàn náà. Ẹ má gbé 13 yẹn wọlé bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí dókítà ọpọlọ bá àwọn ìyá kan náà sọ̀rọ̀ láì rí máàkì wọn, kí ẹ wá dán 9, 10, 11 títí lọ wò, kí ẹ rí èyí tó mú àwọn tí àìsàn ń ṣe, tí kò sì kó àwọn tí ara wọn le mọ́ wọn.