Ta Ló San Owó Ogun Àgbélébùú? Ìdáhùn sí Ìbéèrè Ìdánwò lórí Ohun Tó Fà á àti Ohun Tó Gbẹ̀yìn Rẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o. Àwọn tí kò ráyè wá sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ náà ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi jókòó tì í. N ò ní ka gbogbo ogun náà láti orí dé ìdí. Ìbéèrè méjì péré ni àwọn tó ń ṣètò ìdánwò máa ń yí po, bó ti wù kí wọ́n dárà sí i: kí ló gbé àwọn ará Yúróòpù dìde lọ sí Jerúsálẹ́mù, kí ló sì ti ìdí ogun náà yọ?

Ìdáhùn tí mo máa ń bá nínú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í yàtọ̀ síra. "Ẹ̀sìn, ojúkòkòrò, òṣèlú." Wọ́n á kọ ìlà mẹ́rin sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó parí. Kò sí irọ́ níbẹ̀, àmọ́ kò sí ẹ̀rí náà níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó kú ní 900 ọdún sẹ́yìn, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ohun tó wí. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó fi dógò kó tó kúrò nílé. Owó la máa tọ̀ lọ lónìí.

Ìbéèrè kìíní: Kí ló fà á tí wọ́n fi lọ ní 1096?

Àwọn Tọ́ọ̀kì Sẹlijúùkù ti ṣẹ́gun ọba Gíríìkì ní Mansikẹ́ẹ̀tì ní 1071, wọ́n sì ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ rẹ̀ tó wà ní Éṣíà. Ní oṣù kẹta 1095, Ọba Alẹ́síọ́ọ̀sì Kìíní ti Gíríìkì rán ikọ̀ láti olú ìlú rẹ̀, Kọnsitantinópù, lọ bá Póòpù Ọ́bánì Kejì pé kó bá òun wá ìrànwọ́. Ọmọ ogun tí yóò gbowó iṣẹ́, tí yóò sì gbọ́ tirẹ̀, ni ọba yìí ń wá. Ohun tó rí gbà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá ọdún yẹn, Póòpù dìde ní Kilẹmọ́ọ̀ ní ilẹ̀ Faransé, ó ní kí àwọn jagunjagun lọ gba Jerúsálẹ́mù sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣubú nìyí: wọn a máa fa ọ̀rọ̀ Póòpù yọ bí ẹni pé ẹnìkan gbà á sílẹ̀ lórí kásẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó kọ ìwàásù náà sílẹ̀ kọ ọ́ lẹ́yìn tí ogun ti já sí ayọ̀, ohun tí wọ́n kọ kò sì bára mu. Ohun tó ṣe é gbára lé jù ni òfin kékeré kan tí ìpàdé Kilẹmọ́ọ̀ ṣe. Òfin náà ní ẹnikẹ́ni tó bá lọ sí Jerúsálẹ́mù nítorí ìfọkànsìn nìkan, tí kì í ṣe nítorí ọlá tàbí owó, ìrìnàjò yẹn dípò gbogbo iṣẹ́ ìrònúpìwàdà tó jẹ. Ẹ rò ó wò. Jagunjagun tó ti pààyàn, tí àlùfáà ti ka ọ̀pọ̀ ọdún ààwẹ̀ sí lọ́rùn, ni wọ́n sọ fún pé idà tó kó o sí gbèsè náà ni yóò fi san án. Ẹ tún kíyè sí i pé òfin náà fúnra rẹ̀ dárúkọ owó. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù mọ ilé tí eku ń gbé.

Wàyí o, ṣé ilẹ̀ ni wọ́n ń wá? Ìtàn tí wọ́n ń sọ tẹ́lẹ̀ ni pé àkọ́bí ló ń jogún ilẹ̀ ní Yúróòpù, tí àwọn àbúrò tí kò rí nǹkan jogún wá gba ọ̀nà Jerúsálẹ́mù lọ. Ó dùn ún gbọ́. Ẹ wá wo àwọn tó lọ. Rọ́bátì, Dúúkù Nọ́máǹdì, àkọ́bí ni. Ní 1096 ó fi gbogbo Nọ́máǹdì dógò lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀, Wílíámù Kejì ọba Gẹ̀ẹ́sì, gba 10,000 máàkì. (Máàkì ìdánwò kọ́ o. Máàkì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdámẹ́rin kílò fàdákà.) Gọ́dífírì, olórí ogun mìíràn, ní tirẹ̀ gbé ilé olódi rẹ̀ ní Búyọ́ọ̀nù fún bíṣọ́ọ̀bù Lìẹ́ẹ̀jì, ó fi gba owó ọ̀nà. Ẹni tó ń wá ilẹ̀ kì í fi èyí tó ní dógò kó tó jáde. Nígbà tí Rọ́bátì sì padà dé ní 1100, Wílíámù ti kú, Hẹ́ńrì àbúrò wọn ti jókòó sórí ìtẹ́. Hẹ́ńrì yìí kan náà ló mú un lójú ogun ní 1106, ó sì tì í mọ́lé títí tó fi kú ní 1134. Àǹfààní tí Jerúsálẹ́mù ṣe fún Rọ́bátì nìyẹn.

Lẹ́yìn tí wọ́n gba Jerúsálẹ́mù ní ọjọ́ 15 oṣù keje 1099, tí wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí àti Júù inú rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó kù palẹ̀ mọ́ lọ sílé. Nǹkan bí 300 jagunjagun ẹlẹ́ṣin ló ṣẹ́kù sọ́dọ̀ Gọ́dífírì, tó di olórí Jerúsálẹ́mù, láti ṣọ́ gbogbo ilẹ̀ náà. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ni gbogbo wọn wá, kò yẹ kí ilẹ̀ dilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má wá fò sí òdìkejì kí ẹ sọ pé ẹ̀sìn nìkan ni. Bóhẹ́móńdì, ìjòyè Nọ́máànì láti Ítálì tí bàbá rẹ̀ kò fún ní ogún tó ń retí, dé Áńtíókù tó wà lójú ọ̀nà Jerúsálẹ́mù, ó gba ìlú náà fún ara rẹ̀, ó dúró síbẹ̀, kò bá wọn dé Jerúsálẹ́mù. Ẹni tí mo fẹ́ràn jù láti fi ṣe àpẹẹrẹ ni Sítéfánù, Káóǹtì Búlọ́à, nítorí pé lẹ́tà tó kọ sí Adélà ìyàwó rẹ̀ ṣì wà. Láti Naìsíà ní 1097, ó kọ̀wé pé àwọn á dé Jerúsálẹ́mù láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún àyàfi bí Áńtíókù bá dá àwọn dúró. Ọdún méjì ni ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn gbà. Nínú òmíràn tó kọ ní 1098 níwájú Áńtíókù, ó sọ iṣẹ́ tí Ọlọ́run ń ṣe láàárín wọn, ó sì sọ fún un pé wúrà àti fàdákà tó wà lọ́wọ́ òun ti di ìlọ́po méjì èyí tó fún òun nígbà tí òun ń lọ. Inú lẹ́tà kan náà ni Ọlọ́run àti wúrà wà, ojú kò sì ti ẹni tó kọ ọ́. Ìgbà tí nǹkan le ní Áńtíókù, Sítéfánù sá wálé. Ìtìjú ò jẹ́ kó gbádùn ilé. Ó padà lọ, ó sì kú sójú ogun ní Rámúlà ní 1102. Ọlá pẹ̀lú wà nínú ohun tó ń ti èèyàn, òfin Kilẹmọ́ọ̀ kúkú ti mẹ́nu bà á.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi Rọ́bátì, Bóhẹ́móńdì àti Sítéfánù dáhùn ìbéèrè yìí, tó wá sọ pé ohun tó mú kálukú jáde yàtọ̀, tó sì lè yí padà lójú ọ̀nà, èmi ò mọ ibi tí ẹni tó ń máàkì á ti já nǹkan kúrò.

Ìbéèrè kejì: Kí ni ogun náà dá sílẹ̀?

Níbí ni wọ́n ti máa ń kó gbogbo ayé sínú ìdáhùn: ṣúgà, ìmọ̀ ìṣègùn, nọ́ńbà Lárúbáwá, òpin àṣẹ àwọn olóyè onílẹ̀. Ẹ rọra. Tòlédò ní Sípéènì àti Sísílì ni wọ́n ti túmọ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé Lárúbáwá, kì í ṣe Jerúsálẹ́mù. Ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n bi ara wọn ni pé: bí ogun yìí kò bá wáyé, ṣé nǹkan yìí kò ní ṣẹlẹ̀? Bó bá ṣì máa ṣẹlẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Pípa tí wọ́n pa àwọn Júù ní Wọ́ọ̀mùsì àti Máínsì ní oṣù karùn-ún 1096, kí ogun tiẹ̀ tó kúrò ní Jámánì, kò ní ṣẹlẹ̀ báyẹn láìsí ogun yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú àyọrísí kan ṣoṣo tú dé ìdí: bí ogun tí wọ́n ní àwọn ń gbé ko Mùsùlùmí ṣe wó Kọnsitantinópù, ìlú Kristẹni tó tóbi jù lọ. Gbèsè ló dé e.

Ní 1201, àwọn aṣojú Ogun Àgbélébùú kẹrin lọ sí Fẹ́nísì, ìlú olókòwò etí òkun ní Ítálì, lọ háyà ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n ní jagunjagun ẹlẹ́ṣin 4,500 ń bọ̀, àwọn tó ń tẹ̀ lé wọn 9,000, ẹlẹ́sẹ̀ 20,000, àti ẹṣin 4,500. Èèyàn kan, máàkì méjì. Ẹṣin kan, máàkì mẹ́rin. Ẹ ṣírò rẹ̀: 33,500 èèyàn jẹ́ 67,000 máàkì, ẹṣin jẹ́ 18,000, àpapọ̀ 85,000. Fẹ́nísì pa òwò tì, wọ́n kan ọkọ̀.

Nígbà tó di 1202, nǹkan bí ìdámẹ́ta àwọn tí wọ́n ń retí ló dé. Àwọn yòókù gba èbúté mìíràn lọ, tàbí wọn ò lọ rárá. Ìwé àdéhùn kò bìkítà. Owó ọkọ̀ pé síbẹ̀. Àwọn tó wá tú àpò, àwọn ìjòyè kó abọ́ wúrà àti ti fàdákà wọn sílẹ̀, ó ṣì ku 34,000 máàkì. Ẹ̀bi kò sí lọ́rùn àwọn tó dé, tí wọ́n jókòó sí erékùṣù kan létí Fẹ́nísì. Àwọn ló wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó wá nìkan ni olówó rí mú.

Ẹnríkò Dándólò, olórí Fẹ́nísì, arúgbó tí ojú rẹ̀ ti fọ́, mú àbá wá: kí wọ́n bá òun gba ìlú Sárà padà, òun á fi sùúrù sí gbèsè náà. Kristẹni ló ń gbé Sárà, abẹ́ ọba Họ́ńgárì tí òun náà ti gba àgbélébùú, ìyẹn ni pé ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ láti lọ sógun yìí, ló sì wà. Póòpù Inọ́sẹ́ńtì Kẹta kọ̀wé pé wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Wọ́n gbà á ní oṣù kọkànlá. Póòpù yọ wọ́n kúrò nínú ìjọ, ó sì tún gba àwọn Faransé padà nígbà tí wọ́n bẹ̀bẹ̀.

Sùúrù kì í ṣe owó. Ìgbà yìí ni Alẹ́síọ́ọ̀sì mìíràn, ọmọ aládé Gíríìkì tí wọ́n ti gbàjọba lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, yọjú. Bí wọ́n bá gbé ìdílé òun padà sórí ìtẹ́, òun á san 200,000 máàkì, òun á fi 10,000 ọmọ ogun kún tiwọn, òun á sì mú ìjọ Gíríìkì wá sábẹ́ Róòmù. Ẹni tó jẹ 34,000 tí wọ́n fi 200,000 hàn, etí rẹ̀ á di sí ìkìlọ̀. Wọ́n gbé e gorí ìtẹ́ ní 1203. Ó yọ́ ohun èlò ṣọ́ọ̀ṣì kó lè san díẹ̀, inú bí àwọn ará ìlú, kò rí ìyókù san, wọ́n sì fún un lọ́rùn pa ní 1204. Ẹni tó wá jọba kò jẹ wọ́n ní nǹkan kan, kò sì ní ìdí láti san.

Kí wọ́n tó gun odi Kọnsitantinópù, wọ́n ti pín in lórí ìwé: Fẹ́nísì á mú ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìkógun títí gbèsè yóò fi tán, a ó sì yan ọba tuntun. Wọ́n wọlé ní ọjọ́ 12 àti 13 oṣù kẹrin 1204, wọ́n sì kó ìlú náà fún ọjọ́ mẹ́ta, ṣọ́ọ̀ṣì Sófíà Mímọ́ pẹ̀lú. Ìjọba tí wọ́n gbé kalẹ̀ níbẹ̀ kò kọjá 1261. Àwọn Gíríìkì gba ìlú wọn padà, àmọ́ agbára rẹ̀ àtijọ́ kò padà mọ́.

Bí olùdánwò bá béèrè bóyá èyí ló jẹ́ kí àwọn Tọ́ọ̀kì gba ìlú náà ní 1453, ẹ rántí pé 249 ọdún ló wà láàárín. Ẹ sọ pé ó sọ ọ́ di aláìlera. Ẹ má sọ pé ó pa á. Èyí tí ẹ lè fi gbogbo ẹnu sọ ni ti ìyapa ìjọ. Ìjà wà láàárín Róòmù àti Kọnsitantinópù tẹ́lẹ̀, ìjà àwọn bíṣọ́ọ̀bù ni lọ́pọ̀lọpọ̀. Lẹ́yìn 1204 ó di ìjà gbogbo mẹ̀kúnnù, ti ìyá oníyán àti ti atukọ̀. Nígbà tí Póòpù Jòhánù Póòlù Kejì dé Átẹ́ẹ̀nì ní 2001, ó mẹ́nu ba ìkógun yẹn, ó sì tọrọ ìdáríjì Ọlọ́run.

Àwọn ẹṣin idẹ mẹ́rin tí wọ́n kó nínú ìlú náà ṣì wà ní Fẹ́nísì, nínú ilé ṣọ́ọ̀ṣì Máàkù Mímọ́. Àwọn tí àlejò ń rí lókè ẹnu ọ̀nà, àwòkọ ni.