Bùbá Kan, Àwọ̀ Méjì: Bí A Ṣe Ń Sọ Aṣọ Aró Di Wáìnì Nínú Fọ́tò

[Fọ́tò bùbá náà, a ò tíì fọwọ́ kàn án]

Ẹ wo bùbá yìí dáadáa. Apá òsì rẹ̀ dúdú bí aṣọ aró tuntun, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún rí bí ìgbà tí wọ́n da tíì lé e lórí. Aṣọ kan ṣoṣo ni o, inú aró kan náà ni wọ́n sì rẹ ẹ́ sí. Ṣọ́ọ̀bù aládìrẹ kan ní Ìtòkú, níbí ní Abẹ́òkúta, ni mo ti yà á. Ẹnu ọ̀nà wà lọ́wọ́ òsì, ìmọ́lẹ̀ ìta ń gba ibẹ̀ wọlé. Lọ́wọ́ ọ̀tún, gílóòbù kan tó ń tan iná yẹ́lò so rọ̀ lókè aṣọ.

Búlúù pọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ìta. Nínú iná gílóòbù yẹn, díẹ̀ ló wà. Aṣọ aró, búlúù ló máa ń dá padà sí wa lójú. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò bá ti gbé búlúù wá, kí ni aṣọ fẹ́ dá padà? Ìdí nìyẹn tí apá ọ̀tún fi rí bíi tíì. Nígbà tí mo dúró nínú ṣọ́ọ̀bù, ojú mi kò tilẹ̀ rí ìyàtọ̀ yẹn tó báyìí, nítorí pé ojú ẹ̀dá máa ń tún un ṣe fúnra rẹ̀. Kámẹ́rà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo ló ń bá ṣírò fún gbogbo fọ́tò.

Alhaja tó ni ọjà sọ fún mi pé, “Àbúrò mi, wọ́n ń rẹ irú èyí ní wáìnì, kò tíì jáde. Bá mi sọ ti fọ́tò yìí di wáìnì, kí àwọn oníbàárà rí i kó tó dé.” Mo ní kò sí wàhálà. Wàhálà wà.

[Hue/Saturation lórí ẹ̀rọ]

Ẹ jẹ́ kí n fi àṣìṣe mi hàn yín, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo ṣí Photoshop, mo lọ sí Hue/Saturation, mo fa Hue sí +110. Apá òsì di wáìnì tó dùn ún wò. Apá ọ̀tún di àwọ̀ ewé gbígbẹ.

Ẹ wo ohun tó fà á. Aró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 38, 52, 96 ní R, G àti B, ìyẹn pupa, ewé àti búlúù. Tí a bá kà á lórí agbo àwọ̀, tó jẹ́ 360 yíká, ó bọ́ sí nǹkan bíi 225, ilé búlúù. Aró kan náà lábẹ́ gílóòbù jẹ́ 62, 50, 48, èyí sì bọ́ sí nǹkan bíi 9, ilé pupa. Hue kàn ń yí gbogbo nǹkan lọ ní ìwọ̀n kan náà ni. 225 pẹ̀lú 110 jẹ́ 335, wáìnì nìyẹn. 9 pẹ̀lú 110 jẹ́ 119, ilé ewé. Àwọ̀ méjì ló wọlé, àwọ̀ méjì náà ló jáde. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tún ìmọ́lẹ̀ ṣe kí a tó fọwọ́ kan àwọ̀.

[Fọ́tò náà súnmọ́ wa: àrà funfun lórí bùbá]

Báwo la ṣe máa mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ kan parí sí, tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀? Níbi yìí ni àdìrẹ ti ṣàánú wa. Ẹlẹ́kọ ni bùbá yìí. Ibi tí wọ́n fi ẹ̀kọ láfún ya àrà sí kò mu aró, ó kù ní funfun, àrà náà sì wà láti èjìká dé ìṣẹ́tí. Àwọn ayàwòrán máa ń gbé káàdì eérú síwájú kámẹ́rà kí wọ́n lè mọ irú ìmọ́lẹ̀ tó wà níbẹ̀. Aṣọ yìí gbé tirẹ̀ wọ̀ sára, ó sì gbé e káàkiri.

Mo mú Eyedropper, mo fi Sample Size sí 11 by 11 Average, torí tí ẹ bá tẹ ẹyọ kan péré, okùn aṣọ kan ṣoṣo lẹ máa kà, ó lè tàn yín. Funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà: 214, 219, 226. Búlúù fi díẹ̀ lé. Funfun lábẹ́ gílóòbù: 231, 198, 149. Ẹ rí bí B ṣe já wálẹ̀! Funfun tòótọ́, nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń sún mọ́ ara wọn ni.

Ẹ ṣọ́ra níbi méjì. Ẹ má ka etí àrà, torí pé aró máa ń yọ́ wọ ibẹ̀ díẹ̀. Àárín rẹ̀ ni kí ẹ kà. Ẹ má sì ka ibi tí nọ́ńbà kan ti dé 255, tó jẹ́ òpin. Ibẹ̀ ti jóná, kò ní òótọ́ kankan sọ mọ́.

[Camera Raw ṣí sílẹ̀]

Ó dáa, a ti mọ àrùn, ká wo ìtọ́jú. Fáìlì DNG ni mo fi fóònù yà, kì í ṣe JPG, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ṣeé yí padà nínú rẹ̀ láìba nǹkan jẹ́. Mo ṣí i nínú Camera Raw, mo mú White Balance Tool, mo tẹ funfun ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà. Temperature bọ́ sí 6400. Apá òsì gún régé. Apá ọ̀tún ṣì pọ́n, ẹ jẹ́ kó pọ́n báyìí ná. Mo di Shift mú kí bọ́tìnnì Open lè di Open Object, mo sì tẹ̀ ẹ́.

Nísinsìnyí a nílò ẹ̀dà kejì. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa tẹ Ctrl+J. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀dà tí Ctrl+J bá ṣe ṣì so mọ́ ti àkọ́kọ́ bí ìbejì, ẹ tún ọ̀kan ṣe, èkejì á yí padà. Ó ná mi ní ìrọ̀lẹ́ kan kí n tó mọ̀. Layer, Smart Objects, New Smart Object via Copy, ohun tó yẹ kí ẹ lò nìyẹn. Ẹ tẹ àwòrán kékeré ẹ̀dà òkè lẹ́ẹ̀mejì, Camera Raw á tún ṣí, kí ẹ tẹ funfun abẹ́ gílóòbù. Tèmi bọ́ sí 2900. Apá ọ̀tún wá gún régé, apá òsì di búlúù bíi yìnyín.

Fọ́tò méjì rè é, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ òótọ́ lápá kan. Mo fi ìbòjú, ìyẹn Layer Mask, sórí ẹ̀dà òkè, mo sì fa Gradient láti òsì dúdú lọ sí ọ̀tún funfun. Dúdú ń fi ẹ̀dà òkè pamọ́, funfun ń fi í hàn.

Ì bá tán síbẹ̀ ká ní aṣọ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ṣùgbọ́n bùbá ní ìṣẹ́po. Ìṣẹ́po kan lápá ọ̀tún kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ìmọ́lẹ̀ ìta ló ń mu bó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ́ gílóòbù ló wà. Gradient kò mọ ìyẹn. Ọwọ́ la fi ń ṣe é: Brush rírọ̀, Flow rẹ̀ ní 10%, ẹ máa fi dúdú tọ ìṣẹ́po náà díẹ̀díẹ̀.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ojú níbí, ó ti wo fọ́tò náà pẹ́, ó ti mọ́ ọn lára. Ẹ fi Hue/Saturation lé orí ẹ̀dà méjèèjì, kí ẹ fa Saturation sí +100. Fọ́tò á burẹ́wà bí aṣọ eégún, àmọ́ gbogbo yẹ́lò tó fara pamọ́ sínú funfun á yọjú. Tèmi, abẹ́ apá ọ̀tún ni yẹ́lò kù sí. Mo fi Brush funfun tọ́ ọ lórí ìbòjú, mo sì pa Hue/Saturation yẹn.

[Àwọ̀ wáìnì ń wọlé]

Ẹ wá jẹ́ ká rẹ aṣọ. Ẹ yan bùbá nìkan, kí ẹ fi Solid Color lé e. Mo yan 110, 26, 46. Ẹ yí blend mode rẹ̀ sí Color, kí ó gba àwọ̀ tiwa ṣùgbọ́n kí ó fi ìmọ́lẹ̀ àti òjìji aṣọ sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ẹnì kan á bi mí pé, tí Color bá máa kó àwọ̀ tó wà nílẹ̀ lọ, kí la fi gbogbo iṣẹ́ àkọ́kọ́ yẹn ṣe? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Funfun ni ìdáhùn rẹ̀. Àrà funfun gbọ́dọ̀ wà ní funfun, a kò sì ní jẹ́ kí Solid Color fọwọ́ kàn án; tí a kò bá tún ìmọ́lẹ̀ ṣe, bùbá wáìnì wa máa ní àrà funfun lápá kan, àrà yẹ́lò lápá kejì.

Láti dáàbò bo funfun náà, ẹ tẹ Solid Color lẹ́ẹ̀mejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, kí ẹ wá Blend If. Lórí Underlying Layer, ẹ di Alt mú, kí ẹ pín àmì funfun sí méjì, ọ̀kan ní 120, èkejì ní 180. Ohun tó dúdú ju 120 á gba wáìnì, ohun tó mọ́lẹ̀ ju 180 kò ní gbà á, àárín á yọ́ mọ́ra. Dídán ara aṣọ náà á tún bọ́ lọ́wọ́ wáìnì, nítorí pé àdìrẹ tí wọ́n ti lù máa ń dán, dídán ibẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ pọ́n.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni funfun inú òjìji. Nínú ìṣẹ́po kan lábẹ́ apá, funfun ti ṣókùnkùn dé 95, Blend If rò pé aró ni, ó kùn ún ní wáìnì. Mo fi dúdú tọ́ àwọn yẹn lórí ìbòjú Solid Color, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí ọ̀nà àbùjá.

[Bùbá aró àti bùbá wáìnì, ẹ̀gbẹ́ ara wọn]

Wáìnì yìí rọrùn fún ìdí kan tó fara sin. Photoshop máa ń wọn bí àwọ̀ ṣe mọ́lẹ̀ sí báyìí: ìdá 30 nínú 100 R, ìdá 59 G, ìdá 11 B. Aró wa jẹ́ nǹkan bíi 53. Wáìnì wa náà jẹ́ nǹkan bíi 53. Wọ́n ṣe déédéé, ìdí nìyẹn tí n kò fi fọwọ́ kan Curves rárá.

Nígbà tí Alhaja rí i, inú wọn dùn, wọ́n ní kí n tún ṣe yẹ́lò. Yẹ́lò tí wọ́n nà sí mi jẹ́ 226, 170, 40, ìyẹn nǹkan bíi 172. Tí ẹ bá fi Color gbé e lé aró tó jẹ́ 53, ẹrẹ̀ lẹ máa rí, nítorí pé yẹ́lò tó bá ṣókùnkùn kì í jẹ́ yẹ́lò mọ́. Tí ẹ bá sì fi Curves gbé aró náà sókè dé 172, gbogbo èérún tó wà nínú òkùnkùn fọ́tò á bá a gòkè, pàápàá lápá gílóòbù tí búlúù ti ṣọ̀wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo gbìyànjú rẹ̀ lójú wọn. Ó rí bíi pé wọ́n da iyanrìn sórí aṣọ.

Mo ní kí wọ́n rẹ ààbọ̀ yáàdì ní yẹ́lò, kí wọ́n so ó kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Mo pa gílóòbù, mo sì yà á.