Kíkà ní méje méje àti mẹ́jọ mẹ́jọ: ohun tí orúkọ nọ́ńbà ń sọ fún ọmọ

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ kú ìjókòó o. Ọmọ kì í ní wàhálà púpọ̀ pẹ̀lú kíkà ní méjì méjì, márùn-ún márùn-ún tàbí mẹ́wàá mẹ́wàá, nítorí pé ìparí àwọn nọ́ńbà náà ń tún ara wọn ṣe kíákíá. Orí méje àti mẹ́jọ ni ẹsẹ̀ ti ń kọ́. Tí a bá ń ka méje méje, a ó pe 7, 14, 21, 28, 35, 42, 49, 56, 63, 70, kò sí ìparí kan tó wáyé lẹ́ẹ̀mejì níbẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìfò kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń gba orí mẹ́wàá kan kọjá, ibẹ̀ gan-an ni ọmọ sì ti ń ṣubú.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lò ni pé èdè wa ti fi ìrànlọ́wọ́ sínú orúkọ àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí. Ẹ wo 28. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ogún àti mẹ́jọ ni ọmọ ń gbọ́. Àwa ń pè é ní èjìdínlọ́gbọ̀n: ó ku méjì kó pé ọgbọ̀n. Ọmọ tó fẹ́ fi méje kún un ti gbọ́ iṣẹ́ tó kàn nínú orúkọ yẹn. Yóò mú méjì nínú méje fi dí ọgbọ̀n, márùn-ún yóò ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́, ó di 35. Bákan náà ni 49, ọ̀kàndínláàádọ́ta: ẹyọ kan yóò dí àádọ́ta, mẹ́fà yóò ṣẹ́kù, ó di 56. Tí ó bá dé 56, ẹ̀rìndínlọ́gọ́ta, mẹ́rin yóò dí ọgọ́ta, mẹ́ta yóò ṣẹ́kù, ó di 63.

Kí ọmọ tó lè ṣe èyí láìfi ìka kà, ó gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń pín méje sí méjì: 1 àti 6, 2 àti 5, 3 àti 4. Ti mẹ́jọ ni 1 àti 7, 2 àti 6, 3 àti 5, 4 àti 4. Ẹ fi ọmọ ayò kọ́ ọ: ẹ fi méje sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ bo díẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó sọ iye tí ẹ bò. Ọmọ tí kò bá tíì lè dáhùn èyí kíákíá kò tíì yẹ ní ẹni tí à ń kọ́ ní ìfò.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí ní ibi tó mọ. Láti 15 lọ sókè, nọ́ńbà tó parí sí 5 títí dé 9 ni à ń fi “dín” pè. Èyí tó parí sí 1 títí dé 4, “lé” ni. 24 jẹ́ ẹ̀rìnlélógún, ẹ̀yìn ni orúkọ yẹn ń wò, kò sọ iye tó kù kó pé ọgbọ̀n. Níbẹ̀, tó bá jẹ́ mẹ́jọ ni ọmọ ń kà, ẹ jẹ́ kí ó fi mẹ́wàá kún un, kí ó sì yọ méjì: 24, 34, 32. Bẹ́ẹ̀ náà ni 64, 74, 72. Tó bá jẹ́ méje ló ń kà, mẹ́ta ni yóò yọ: 14, 24, 21.

“Lé” àti “dín” náà sì lè da ọmọ rú, pàápàá nínú kíkà ní mẹ́jọ mẹ́jọ. Ẹ̀rìndínlógún àti ẹ̀rìnlélógún tẹ̀ lé ara wọn níbẹ̀, 16 àti 24. Ẹ̀rìndínlọ́gọ́ta àti ẹ̀rìnlélọ́gọ́ta náà tẹ̀ lé ara wọn, 56 àti 64. Ọmọ lè pè é dáadáa lẹ́nu kó sì kọ 64 síbi tó yẹ kó kọ 56. Nítorí náà, kí ẹnu àti ọwọ́ jọ máa ṣiṣẹ́: bó ṣe ń pe nọ́ńbà, kí ó máa kọ ọ́.

Ẹ wá jẹ́ ká wo àṣìṣe, nítorí pé ìdáhùn tí kò tọ̀nà máa ń sọ ibi tí ìṣòro wà. Ẹ bi ọmọ ní méje lọ́nà mẹ́fà, 42 ni ìdáhùn. Tó bá sọ 35 tàbí 49, ìfò rẹ̀ dára, iye ìfò ni kò mọ́. Kí ẹnu máa pe àpapọ̀, kí ìka máa ka ìfò, kí ìka sì dìde nígbà tí ẹnu bá pe nọ́ńbà tí a bà lé, kì í ṣe nígbà tí a ń gbéra. 7 fúnra rẹ̀ ni ìka àkọ́kọ́.

Tó bá sọ 41, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibì kan ló ti ka nọ́ńbà tó dúró lé mọ́ ìfò: “28, 29, 30, 31, 32, 33, 34,” ó pé méje, ó dúró sí 34, ó wá bọ́ sí 41. Tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìfò, 7, 13, 19, 25 ni yóò máa pè, a jẹ́ pé mẹ́fà mẹ́fà ló ń kà láìmọ̀. Ẹ má bínú sí ọmọ bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe ń ka ọjọ́ ọjà láyé àtijọ́ nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni a ń ka ọjà ìsán sí, ṣùgbọ́n ọjọ́ ọjà tí a ti ná wà nínú kíkà náà. Ọjọ́ mẹ́jọ ni kàlẹ́ńdà yóò fi hàn láàárín ọjà kan sí èkejì. Nínú ìṣirò tiwa yìí, ibi tí a dúró lé kò sí nínú kíkà. Ẹ fa ìlà nọ́ńbà sílẹ̀, kí ọmọ fi ẹsẹ̀ fò ó, kí ó ka ìfò, kì í ṣe àmì.

Kíkà yìí kò tíì di ìsọdipúpọ̀ bí ọmọ bá ń bẹ̀rẹ̀ láti 7 ní gbogbo ìgbà. Ọpọ́n ayò wúlò gan-an fún ìkọjá yìí. Ihò méjìlá, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, 48 ni gbogbo rẹ̀. Kí ọmọ kó ọmọ ayò inú ihò kọ̀ọ̀kan lápá kan sínú ihò tó kọjú sí i. Ihò mẹ́fà ló kù tó ní nǹkan nínú, mẹ́jọ mẹ́jọ: mẹ́jọ lọ́nà mẹ́fà, 48. Ó ti rí i náà pé mẹ́jọ jẹ́ mẹ́rin lọ́nà méjì. Kí ó wá yọ ẹyọ kan nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Mẹ́fà jáde, méje méje ló kù, 48 di 42. Láti orí mẹ́jọ ló ti dé orí méje, kò sì ka nǹkan kan láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fún un ní ibi ìdúró méjì lórí ìlà kọ̀ọ̀kan: 35 àti 70 fún méje, 40 àti 80 fún mẹ́jọ. Méje lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 35 dín méje. Mẹ́jọ lọ́nà mẹ́sàn-án jẹ́ 80 dín mẹ́jọ. Èyí tó le jù ni méje lọ́nà mẹ́jọ. Kí ó kọ ìlà méjèèjì sí abẹ́ ara wọn, kí ó wá nọ́ńbà tó wà nínú méjèèjì títí dé 70: 56 nìkan ni, ìkẹjọ lórí ìlà méje, ìkeje lórí ìlà mẹ́jọ.

Bí ẹ bá bi ọmọ ní méje lọ́nà méje, ẹ wo ètè rẹ̀. Bó bá ṣì ń sọ “7, 14, 21”, ẹ padà sí ibi ìdúró. Bó bá sọ “35”, tó sì fò lẹ́ẹ̀mejì sí 49, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bi í láìtò ó lẹ́sẹẹsẹ.