Ẹ Má Gbẹ́ Ìdí Ògiri: Bí A Ṣe Ń Tú Ilé Alámọ̀ Láì Ṣe Ará Ilé Kejì Léṣe

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn bíríkìlà, káfíńtà àti àwọn onílé sọ nìyí nínú gbọ̀ngàn kan nítòsí Tákìé, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́. Ìbéèrè kan gba àkókò lọ́wọ́ mi, ìdí nìyẹn tí apá ìparí fi kúrú. Bó ṣe rí níjọ́ náà ni mo fi í sílẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ kú ìjókòó. Nílùú wa yìí, bí wọ́n bá fẹ́ wó ilé àtijọ́, wọ́n á ká páànù tán, wọ́n á kó lébìrà méjì tàbí mẹ́ta wọ inú yàrá, kálukú pẹ̀lú dígà rẹ̀. Ìdí ògiri ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́. Bí wọ́n bá gbẹ́ ẹ dé ìdajì, wọ́n á tì í, wọ́n á ní kó ṣubú síta. Iṣẹ́ á yá, owó á wọlé. Ohun tí mo wá bá yín jà lé lórí lónìí nìyẹn.

Ògiri ilé àtijọ́ wa máa ń nípọn tó sẹ̀ntímítà 45. Ẹ mú mítà kan níbùú àti mítà kan lóròó lára rẹ̀, ibẹ̀ nìkan wúwo tó nǹkan bí àpò sìmẹ́ńtì 15. Ògiri yàrá kan tó gùn ní mítà 4, tó ga ní mítà 3, nǹkan bí àpò 180 nìyẹn, tó dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Bí ẹ bá gbẹ́ ìdí rẹ̀ láti inú yàrá, ẹ̀yìn ẹsẹ̀ náà nìkan ló kù lábẹ́ rẹ̀. Apá iwájú ti rọ̀ sórí òfuurufú. Níbo lẹ rò pé yóò ṣubú sí? Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbẹ́ ẹ ni. Ibi tí a bá ti gbẹ́ ògiri ni ògiri ń wó sí.

Mo rí i lójú ara mi nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá tó gba iṣẹ́ náà ní ìta ló máa wó sí. Èmi àti ẹnì kejì mi la jọ ń gbẹ́ ẹ. Ó tó ìṣẹ́jú mélòó kan tí erùpẹ̀ wẹ́wẹ́ ti ń dà sílẹ̀ lẹ́nu ibi tí a gbẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń ku gààrí lójú ajọ̀. Ògiri ló ń sọ fún wa pé òun ti ń lọ, àwa ò gbédè rẹ̀. Mo jáde lọ mumi. Ariwo kan ṣoṣo ni mo gbọ́. Nígbà tí eruku pupa rọlẹ̀, ọwọ́ dígà ẹnì kejì mi ṣì dúró ṣánṣán nínú ilẹ̀, òun fúnra rẹ̀ wà lábẹ́ amọ̀ dé ìbàdí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kán. Ó yè, ṣùgbọ́n kò gun àkàbà mọ́ láyé rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún mi pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é látijọ́ nìyẹn, mo máa ń bi í pé àwọn wo ló ń ṣe é? Àwọn tó mọ ilé náà láti ìpele dé ìpele, ṣé wọ́n kọ́ ọ láti ìdí kí wọ́n tún wó o láti ìdí? Títú là ń tú ilé. Ohun tí wọ́n gbé lé e kẹ́yìn la ó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Àwọn tó sì ń sọ pé kí a gbé katapílà wá, ẹ bá mi wo ojú ọ̀nà agboolé wa. Bó bá tiẹ̀ rí ọ̀nà wọlé, amọ̀ tó so mọ́ amọ̀ ló máa fà, ilé ẹlòmíràn á sì tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí ilé kan tí a tú ní Ìsàlẹ̀-Àfọ́n. Yàrá mẹ́ta ni, àjà alámọ̀ wà lórí yàrá àárín. Ògiri apá òsì jẹ́ àjọni pẹ̀lú ilé ìyá àgbà kan. A kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan tí mo fi gòkè lọ wo inú àjà, mo sì rí i pé orí ògiri àjọni yìí ni igi òrùlé ìyá jókòó lé. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, òrùlé ìyá ń ti ògiri náà sọ́dọ̀ wa, òrùlé tiwa ń tì í padà. Bí a bá ká òrùlé tiwa láì ṣe nǹkan kan ṣáájú, kò sí ohun tó ń dá tìyá dúró mọ́. Àwa àti onílé fẹnu kò pé ògiri yẹn kò ní kúrò, ìyókù la ó tú.

A ní kí wọ́n wá já wáyà iná lórí òpó. A fi pákó bo kànga ìyá. Lẹ́yìn náà la fi igi ti ògiri kí páànù kankan tó kúrò lórí ilé. Bí a ṣe ṣe é nìyí: a gbé pákó fífẹ̀ kan dúró ṣánṣán lára ògiri, a sì kan ìdènà igi kékeré mọ́ ọn lókè. Igi ìtì fúnra rẹ̀, igi mẹ́rin-níbùú-mẹ́rin, a gbé orí rẹ̀ sábẹ́ ìdènà yẹn kó má baà yọ̀ gòkè. Orí rẹ̀ wà ní nǹkan bíi mítà 2.5 sókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí igi òrùlé ìyá jókòó sí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ jìnnà sí ògiri ní nǹkan bíi mítà kan ààbọ̀. Bí ẹsẹ̀ igi bá sún mọ́ ògiri jù, kò ní lágbára láti tì í. Bó bá sì jìnnà jù, yóò máa yọ̀. A gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀, a tẹ́ pákó síbẹ̀ fún un, a sì gbá èèkàn sẹ́yìn rẹ̀. Igi mẹ́ta la fi tì í, mítà méjì sí méjì síra wọn.

Káfíńtà wa fẹ́ fi òòlù ńlá gbá igi pẹlẹbẹ tí a há sídìí rẹ̀. Mo di òòlù náà mú. Ńṣe la fẹ́ gba ògiri mọ́ra, a kò fẹ́ tì í padà. Amọ̀ àtijọ́ kì í tẹ̀, sísán ló ń sán. Ẹ há a títí igi kò fi ní mì mọ́ bí ẹ bá fọwọ́ gbá a, ó parí.

Ògiri náà ní ibi tó sán tẹ́lẹ̀. A lẹ sìmẹ́ńtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ojú ibẹ̀ ní ọ̀nà méjì, nínú yàrá ìyá, a sì fi ìṣó kọ ọjọ́ oṣù sí i kó tó gbẹ. Láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ là ń lọ wò ó. Bí ògiri bá sún tó ìbú irun, sìmẹ́ńtì yẹn á là.

Ẹ̀yìn èyí ni páànù kúrò, igi òrùlé tẹ̀ lé e, àjà alámọ̀ tẹ̀ lé e. Orí pèpéle pákó ni àwọn lébìrà dúró sí láti ha amọ̀ àjà náà, ẹnikẹ́ni kò dúró lé e lórí, ẹnikẹ́ni kò sì wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí pé ikán lè ti jẹ igi tó gbé e láti inú. Nígbà tó kan ògiri, ìpele kan la ń sọ̀ yí yàrá ká kí a tó kan ìpele kejì. Gbogbo ògiri ń kúrú pọ̀ ni, kí èyíkéyìí má baà dá dúró gogoro lóun nìkan. Níbi tí ògiri wa ti so kọ́ra pẹ̀lú ògiri àjọni, a kò já a dé ara rẹ̀. A fi nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 60 sílẹ̀ lára ògiri tiwa, a sì gé e bí àtẹ̀gùn láti òkè wá sílẹ̀, kó máa ti ògiri ìyá lẹ́yìn.

Ibí yìí ni màmá kan ti nawọ́. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí wọ́n ń wó ilé ẹ̀gbẹ́ wa nínú ọyẹ́, ọmọ mi tó ní ikọ́ fée kò sùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo pariwo lé wọn lórí, wọ́n fa rọ́bà, wọ́n wá ń da omi sí ògiri látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Lálẹ́, ògiri wó sí ibi tí mo ti ń dáná. Ṣé omi tí mo ní kí wọ́n dà ló fà á?”

Màmá, ẹ̀bi yín kọ́. Ibi tí wọ́n da omi sí ló bàjẹ́. Amọ̀ gbígbẹ lágbára, amọ̀ tó rin gbingbin kò lágbára kankan. Omi tí wọ́n ń dà sára ògiri kì í dúró lókè, ìdí ló ń ṣàn lọ, ìdí náà sì ni gbogbo ẹrù wà lé lórí. Ẹni tó bá fi omi rẹ ìdí ògiri ti gbẹ́ ìdí rẹ̀ láì mú dígà. Ìpele tí a fẹ́ sọ̀ nìkan là ń wọ́n omi sí, a ó fi agolo tí a lu ihò sí nídìí wọ́n ọn, kó kàn dúdú lójú. Ibi tí omi púpọ̀ yẹ sí ni orí amọ̀ tó ti dé ilẹ̀, bó bá ti jìnnà sí ẹsẹ̀ ògiri. Bí ẹ bá rí i pé ìdí ògiri ti ṣókùnkùn, tó sì ń rọ̀ lábẹ́ èékánná, ẹ kó gbogbo èèyàn kúrò lápá méjèèjì rẹ̀.

Ní ti ọmọ yín, ó yẹ kí wọ́n ti fi ọparun àti tapólì tútù ṣe ìdènà tó ga ju ògiri lọ sápá ọ̀dọ̀ yín, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ láàárọ̀ kùtù kí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ tó dìde, kí wọ́n sì ti sọ ọjọ́ fún yín kí ẹ lè gbé ọmọ lọ síbòmíràn. Àkísà tí lébìrà ń so mọ́mú kò lè dá eruku wẹ́wẹ́ dúró. Ìbòmú tí wọ́n kọ N95 sí lára ni kí ẹ rà fún wọn.

Wọ́n ti ń fi aago hàn mí. Ẹ jẹ́ kí n yára mẹ́nu ba òrùlé tàbí àjà aláwọ̀ eérú tó dà bíi sìmẹ́ńtì, tí wọ́n ń lò gan-an láàárín ọdún 1960 sí 1980. Asibẹ́sítọ́ọ̀sì lè wà nínú rẹ̀, ẹ ṣe é bíi pé ó wà níbẹ̀. Bí ó bá fọ́, fọ́nrán tí ojú kò rí á wọ ẹ̀dọ̀fóró, àìsàn rẹ̀ sì lè pẹ́ ju 20 ọdún kó tó yọjú. Ẹ rin ín lómi, ẹ yọ ìṣó rẹ̀, ẹ sọ̀ ọ́ lódidi, ẹ fi ọ̀rá méjì wé e. Ẹ má fọ́ ọ kún ilẹ̀ àgbàlá.

Amọ̀ tí ẹ bá tú, ẹ má kó o jọ sára ògiri ará ilé kejì, yóò tì í. Bí ìdí yàrá bá ń dún kòròfo, ẹ wá ṣálángá àtijọ́ kí ẹnikẹ́ni tó dúró síbẹ̀. Ojú ògiri àjọni tí kò tíì rí òjò rí, ẹ fi páànù àtijọ́ bo orí rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹnì kan bi mí bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ pé ọjọ́ mélòó ni ti Ìsàlẹ̀-Àfọ́n gbà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni. Sìmẹ́ńtì méjì tó wà lójú ibi tó sán kò là. Igi ìtì mẹ́ta yẹn wà níbẹ̀ títí ògiri búlọ́ọ̀kù tuntun fi ga dé ọrùn wọn, kí a tó yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó wà láàárín ló gbẹ̀yìn.