Kí ló dé tí fílítà yín ń dé tábìlì títà, tí kò dé tábìlì ọjà tó wà nílẹ̀?

Ẹ wo ojú ìwé Power BI yìí pẹ̀lú mi. Mo ti yan ọjọ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ 31 oṣù kìíní. Nínú sílísà, mo tẹ ọjà A12: iye tí a tà di 15. Mo tẹ B07: ó di 22. Ẹ wá wo iye ọjà tó wà nílẹ̀. 900. Mo tẹ C30, 900 náà ni! Bí ẹ bá rí nọ́ńbà tí kò mira rárá báyìí, ẹ má wulẹ̀ tú fọ́múlà yín wò. Fílítà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe rèé: wọ́n rí ProductID nínú FactSales, wọ́n tún rí i nínú FactStock, wọ́n bá so méjèèjì pọ̀. Ẹ má so tábìlì títà mọ́ tábìlì ọjà tó wà nílẹ̀. Mo tún un sọ: Ẹ MÁ SO WỌ́N PỌ̀! A12 pọ̀ nínú tábìlì títà, nítorí àìmọye ènìyàn ló ń rà á. Ó tún pọ̀ nínú tábìlì kejì, nítorí ojoojúmọ́ la ń ka ọjà. Power BI á kọ Many to many síbẹ̀, kò sì ní sí ìhà kankan tí A12 ti jẹ́ ẹyọ kan.

Omi ni mo fẹ́ràn láti fi ṣàlàyé èyí. Omi kì í ṣàn gun òkè. Orí òkè ni DimProduct, DimDate àti DimCustomer wà: ọjà kan, ìlà kan, ọjọ́ kan, ìlà kan, oníbàárà kan, ìlà kan. Ìsàlẹ̀ ni FactSales àti FactStock wà. Láti orí òkè ni fílítà ti ń ṣàn bọ̀ nísàlẹ̀. Tí A12 bá máa dé inú tábìlì méjèèjì, àfi kí DimProduct kan náà sopọ̀ mọ́ àwọn méjèèjì. DimDate náà bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó yọ àwọn tó tún ara wọn ṣe kúrò nínú DimProduct, ẹ kọ́kọ́ sọ ProductID di lẹ́tà ńlá. Power Query ka a12 àti A12 sí ọjà méjì, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n lójú módẹ́ẹ̀lì. Ibẹ̀ ni ìsopọ̀ ti ń kọ̀. Ẹ wá lo èyí:

```
COUNTROWS ( DimProduct )
  - DISTINCTCOUNT ( DimProduct[ProductID] )
```

0 ló gbọ́dọ̀ jáde.

Ẹ dúró díẹ̀, ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí. Ẹ ti so ó dáadáa, síbẹ̀ 900 kò kúrò. Kí ló dé? Ẹ wo kọ́lọ́ọ̀mù tó wà nínú sílísà: FactSales[ProductID]. Ìsàlẹ̀ lẹ ti ń bu omi! DimProduct[ProductID] ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹ fi Hide bo àwọn kọ́kọ́rọ́ inú tábìlì Fact méjèèjì, kí ẹnikẹ́ni má lè fà wọ́n mọ́.

Ó ku oníbàárà. Ẹ yan oníbàárà kan, títà yí padà, ọjà tó wà nílẹ̀ kò yí. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀! Ọjà tí a kò tíì tà kò ní oníbàárà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí èyí yí ìsopọ̀ FactSales àti DimProduct sí Both. Nọ́ńbà á mira lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó máa sọ ni iye tó kù nínú àwọn ọjà tí oníbàárà yẹn ti rà, ẹni tó ń kà á kò sì ní mọ̀. Ẹ kàn yọ iye yẹn kúrò nínú àtẹ tó to orúkọ oníbàárà.

Ní báyìí, A12 fi 40 hàn fún ọjọ́ 31. Ẹ yan gbogbo oṣù kìíní: 1240! Bí 40 bá wà nílẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 31, SUM á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ọjọ́ tí a kà á kẹ́yìn la fẹ́:

```
Stock Qty =
CALCULATE (
  SUM ( FactStock[Qty] ),
  LASTNONBLANK (
    DimDate[Date],
    CALCULATE ( COUNTROWS ( FactStock ) )
  )
)
```

Ó padà di 40. Ṣùgbọ́n bí ọjà kan bá tán lọ́jọ́ 20, tí ẹni tó ń kà á kò kọ nǹkan kan mọ́, fọ́múlà yìí á gbé iye ọjọ́ tó kẹ́yìn tí a kọ sílẹ̀ jáde fún un. Àpapọ̀ ní tirẹ̀ á lo ọjọ́ 31, nítorí náà àwọn ìlà kò ní bá àpapọ̀ mu. Ọjà tó bá tán, ẹ kọ 0 fún un lójoojúmọ́.