Ohun tí Ọ́díítọ̀ Fọwọ́ Sí

Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù n'Íbàdàn, mo kí yín o. Orí kòkó ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́ ọ́díítọ̀, wọ́n rán wa lọ ka kòkó ní sítọ́ọ̀ oníṣòwò kan. Ìwé rẹ̀ ní 1,200 àpò ló wà nílẹ̀. A ka àpò 10 ní ìbú, 12 ní jíjìn, 10 ní gíga. Ó pé géérégé. A ti ń palẹ̀ mọ́ kí ọ̀gá wa tó ní kí n gun orí òkìtì náà. Nígbà tí mo débẹ̀, àárín rẹ̀ ṣófo bíi kànga títí dé ilẹ̀. Nígbà tí a tún un kà, 900 péré ni.

Ìdí nìyẹn tí ọ́díítọ̀ kì í fi gba ìwé oníléeṣẹ́ gbọ́ lásán. Báńkì fúnra rẹ̀ ló ń kọ̀wé sí láti béèrè iye owó tó wà níbẹ̀, ọ̀dọ̀ ọ́díítọ̀ tààrà sì ni èsì gbọ́dọ̀ dé. Bí lẹ́tà náà bá gba ọwọ́ akápò kọjá, kì í ṣe ẹ̀rí mọ́. Àwọn tó ń pè wá ní ọlọ́pàá owó ń ṣi aráàlú lọ́nà. Àwọn olùdarí ló ni ìwé ìṣirò. Èrò wa lórí rẹ̀ la ń sọ.

Ibi tí mo dé nìyẹn tí màmá kan fi dìde: “Ọ̀gá, ọ́díítọ̀ wa fọwọ́ sí i lọ́dún tó kọjá, akápò sì ti ń jí wa lówó nígbà yẹn. Kí ló wá fọwọ́ sí?”

Mo pa ìwé mi dé. Màmá, ẹ jẹ́ ká ní èrè yín jẹ́ mílíọ̀nù 40 náírà. Ọ̀pọ̀ ọ́díítọ̀ máa ń fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún èrè ṣe òṣùwọ̀n: mílíọ̀nù méjì. Àṣìṣe tó bá tó bẹ́ẹ̀ lè yí ìpinnu ẹni tó ń ka ìwé padà, òun ni ọ́díítọ̀ ń wá. Akápò tó ń mú 50,000 lóṣù á kó 600,000 lọ́dún. Kò tó òṣùwọ̀n yẹn. A kì í sì í wo gbogbo rìsíìtì, ṣe la ń ṣà nínú wọn. Bí a bá rí olè náà, a gbọ́dọ̀ sọ fáwọn olùdarí. Ṣùgbọ́n ìwé wa kò búra pé kò sí olè. Ohun tó sọ ni pé, nínú ohun tó wúwo, ìṣirò náà jóòótọ́. Ẹni tó lè tètè rí 50,000 yẹn ni ẹni tí kì í fọwọ́ kan owó, tó ń fi sítétìmẹ́ǹtì báńkì wé ìwé ẹgbẹ́ lóṣooṣù.

Àkókò ti lọ, nítorí náà mo sáré sọ ìyókù. Bí ọ́díítọ̀ bá kọ “àyàfi” nínú èrò rẹ̀, ẹ ka ohun tó tẹ̀ lé e dáadáa. Bó bá ní ìṣirò náà kò jóòótọ́, ó burú jùyẹn lọ. Bó bá sì ní òun kò lè sọ èrò kankan, ẹ béèrè ẹ̀rí tí wọn kò jẹ́ kó rí.

Màmá kò tíì jókòó. Mo bi wọ́n pé ta ló ń gba sítétìmẹ́ǹtì báńkì ẹgbẹ́ wọn.

“Akápò náà ni.”