Ìbéèrè, Ìdájọ́ àti Ìdí: Bí A Ṣe Lè Túmọ̀ Ẹjọ́ Owó Ìjọba Ìbílẹ̀ fún Ẹni Tí Kì Í Ṣe Agbẹjọ́rò

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe fún àwọn ọmọ Yorùbá ní Kúbwà, Àbújá, tí mo tún kọ sílẹ̀ fún àwọn tí kò lè wá)

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìjókòó o.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ, tí kò jìnnà síbi tí a jókòó sí yìí, dá ẹjọ́ tí ìjọba àpapọ̀ pe gbogbo ìpínlẹ̀ 36 lórí owó ìjọba ìbílẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, àwọn kan ti ń sọ pé káńsù ti gba òmìnira. Àwọn mìíràn ní wọ́n ti pa àsùnwọ̀n àjùmọ̀ní tó wà láàárín ìpínlẹ̀ àti káńsù rẹ́ kúrò nínú ìwé òfin. Àwọn kan tiẹ̀ ní gómìnà kò lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ káńsù mọ́ rárá. Òótọ́ díẹ̀díẹ̀ wà nínú ohun tí gbogbo wọn ń sọ, àmọ́ kò sí èyí tó jẹ́ ohun tí adájọ́ dá gan-an.

Ohun tó fa èyí ni pé àṣẹ nìkan ni wọ́n gbọ́. Wọn kò gbọ́ ìbéèrè tí àṣẹ náà dáhùn, wọn kò sì gbọ́ ìdí tí adájọ́ fi dá a bẹ́ẹ̀. Àwọn nǹkan mẹ́ta yìí, ìbéèrè, ìdájọ́ àti ìdí, ni mo fẹ́ kí a fi wo ìwé ìdájọ́ yìí, nọ́ńbà rẹ̀ ni SC/CV/343/2024.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Ìwé ìdájọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ adájọ́ nìkan. Adájọ́ máa ń kọ ohun tí olùpẹ̀jọ́ sọ sílẹ̀, á kọ èsì olùjẹ́jọ́ sí i, nígbà míì á lo ọ̀pọ̀ ojú ìwé lórí wọn kó tó sọ tirẹ̀. Ẹni tó bá kàn ṣí ìwé náà láàárín lè rí i kà pé agbẹjọ́rò àgbà fún ìjọba àpapọ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti pẹjọ́ lórúkọ àwọn káńsù, kó sì sáré lọ sọ fáráyé pé ohun tí ilé ẹjọ́ sọ nìyẹn. Rárá o. Àtakò tí àwọn ìpínlẹ̀ gbé wá ni, ilé ẹjọ́ sì dà á nù. Ẹ máa wo ẹni tó ni gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Bí adájọ́ bá kọ ọ́ pé agbẹjọ́rò báyìí ní báyìí, ọ̀rọ̀ ẹlẹ́jọ́ nìyẹn. Ibi tó bá ti sọ pé òun gbà, pé òun kò gbà, tàbí pé èrò òun ni pé, ibẹ̀ ni tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yìn ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìdájọ́. Mo máa ń lọ síbi tí àwọn àṣẹ wà, mo á kọ wọ́n sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ni mo á padà síwájú lọ wá ìbéèrè tí àṣẹ kọ̀ọ̀kan dáhùn. Àṣẹ tí mi ò bá rí ìbéèrè tirẹ̀, mo mọ̀ pé mi ò tíì lóye ẹjọ́ náà nìyẹn.

Ìbéèrè fúnra rẹ̀ gba ìṣọ́ra. Bí mo bá kọ ọ́ pé, "Ṣé ó yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ lómìnira?", mo ti tan yín jẹ, nítorí kò sẹ́ni tó bi ilé ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó yẹ kọ́mọ ènìyàn máa rò lórí ìṣèlú nìyẹn, kì í ṣe ohun tí adájọ́ lè fi abala òfin dáhùn. Ìbéèrè tó dára ni èyí tí a lè fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dá lóhùn, tí ohun tó ṣẹlẹ̀ sì hàn nínú rẹ̀. Nínú ẹjọ́ yìí, bí a bá gbọn gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ kúrò, méjì ló ṣe kókó. Àkọ́kọ́: nígbà tí òfin ní kí owó káńsù gba ọwọ́ ìpínlẹ̀ kọjá, tí àwọn ìpínlẹ̀ kò sì jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ káńsù, ṣé wọ́n lè máa san án fún káńsù tààrà? Ìkejì: ṣé gómìnà lè fi ìgbìmọ̀ fìdíhẹ tí kò sẹ́ni tó dìbò yàn ṣe àkóso káńsù?

Ìdájọ́ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Lórí àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ni: kí wọ́n san án tààrà, kí ìpínlẹ̀ má sì fọwọ́ kàn án mọ́. Lórí ìkejì, bẹ́ẹ̀ kọ́: káńsù tí aráàlú dìbò yàn nìkan ni òfin mọ̀. Adájọ́ méje ló jókòó, Adájọ́ Emmanuel Agim ló ka ìdájọ́ àgbà, mẹ́fà wà níhà kan, Adájọ́ Habeeb Abiru sì yapa. A gbọ́dọ̀ sọ fún òǹkàwé pé ẹnì kan yapa, àmọ́ a kò gbọdọ̀ da ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìdí tí àwọn mẹ́fà fi dá a bí wọ́n ṣe dá a. Èrò ẹni tó yapa wúlò fún ọjọ́ iwájú, ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin.

Ìdí ló le jù, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ dúró sí.

Bí mo ṣe sọ̀rọ̀ débẹ̀, bàbá kan dìde, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ó ní Ìwé Òfin ọdún 1999 lọ́wọ́, ó wọ awò rẹ̀, ó sì ka abala 162, ẹsẹ 5 sí wa létí. Ibẹ̀ sọ pé owó tó jẹ́ ti àwọn káńsù nínú àpò àpapọ̀, àwọn ìpínlẹ̀ ni kí a pín in fún, fún àǹfààní àwọn káńsù wọn. Ó tún ka ẹsẹ 6, tó ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àsùnwọ̀n àjùmọ̀ní tí owó náà yóò máa wọ̀. Ó yọ awò, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé kì í ṣe pé ilé ẹjọ́ tako ìwé òfin báyìí?"

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá, nítorí bí ẹnikẹ́ni bá gbé àṣẹ nìkan fún aráàlú, ibi tí bàbá dé yìí náà ni gbogbo ẹni tó bá ṣí ìwé òfin yóò dé. Yóò rò pé àwọn adájọ́ kàn sọ ohun tó wù wọ́n ni. Ìdí ló ń so àṣẹ mọ́ òfin.

Ẹ wo bí ó ṣe lọ. Ṣáájú ẹsẹ 5, ẹsẹ 3 wà. Ẹsẹ 3 dárúkọ àwọn mẹ́ta tí owó àpò àpapọ̀ tọ́ sí: ìjọba àpapọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Nítorí náà, ìpín káńsù kì í ṣe ẹ̀bùn láti ọwọ́ ìpínlẹ̀, ti káńsù ni. Nígbà tí ẹsẹ 5 wá ní kí a kó o fún ìpínlẹ̀ fún àǹfààní káńsù, kò sọ ìpínlẹ̀ di olówó. Ìránṣẹ́ ni ó fi í ṣe. Bí ìyá kan bá fi owó ilé-ìwé àbúrò rán ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n kò lè fi í ra bàtà kó ní ọwọ́ òun sáà ni ìyá àwọn fi lé. Bó bá sì ti ń ná an ní gbogbo ìgbà, kò sẹ́ni tí yóò bá ìyá náà wí bó bá gbé owó lọ sílé-ìwé fúnra rẹ̀.

Ibi tí ilé ẹjọ́ gbà dé ibẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Ìdájọ́ náà sọ pé a lè san owó náà tààrà, a sì lè san án nípasẹ̀ ìpínlẹ̀. Ọ̀nà méjì ni. Ṣùgbọ́n nítorí pé ọ̀nà ìpínlẹ̀ kò ṣiṣẹ́, òdodo béèrè pé kó gba ọ̀nà kejì láti ìsinsìnyí lọ. Àwọn adájọ́ wo ohun tí òfin ń lé, pé kí owó dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. Wọn kò gbà kí gbólóhùn kan nípa ọ̀nà tí owó ń gbà pa ìdí tí wọ́n fi la ọ̀nà náà.

Ọ̀rọ̀ pé ọ̀nà ìpínlẹ̀ kò ṣiṣẹ́ yìí máa ń da ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn láàmú. Adájọ́ máa ń ké sí ìlú nínú ìdájọ́ nígbà míì, á dárò, á bá àwọn olóṣèlú wí, a sì sábà máa ń yọ irú rẹ̀ kúrò nígbà tí a bá ń gé ìdájọ́ kúrú. Bí mo ṣe ń mọ èyí tó ṣeé yọ ni pé mo máa ń fa gbólóhùn náà jáde, mo á wá wò ó bóyá àṣẹ ṣì dúró. Bó bá dúró, ìdárò lásán ni. Nínú ẹjọ́ yìí, bí ẹ bá yọ ọ́, àṣẹ á wó, nítorí ohun tí yóò ṣẹ́ kù ni pé ọ̀nà méjì wà, kò sì sí ohun tó ní kí a fi ọ̀kan sílẹ̀. Ohun tó jọ ìdárò, òun gan-an ni òpó.

Ti ìbéèrè kejì rọrùn. Abala 7, ẹsẹ 1 fi dáni lójú pé ìgbìmọ̀ tí a dìbò yàn ni yóò máa ṣe ìjọba ìbílẹ̀. Ìgbìmọ̀ fìdíhẹ kò bá a mu, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, abala kan náà yìí ṣì ní òfin ìpínlẹ̀ ni yóò ṣètò bí káńsù yóò ṣe wà àti bí owó rẹ̀ yóò ṣe máa lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ọ̀rọ̀ àwọn tó sọ pé gómìnà kò lẹ́nu mọ́ kò pé.

Bí mo bá fẹ́ kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá mi, báyìí ni mo ṣe máa kọ ọ́:

"Ìbéèrè ni bóyá wọ́n lè san owó káńsù tààrà nígbà tí ìpínlẹ̀ kò jẹ́ kó dé, àti bóyá gómìnà lè yan ìgbìmọ̀ fìdíhẹ. Ilé ẹjọ́ ní wọ́n gbọ́dọ̀ san án tààrà, gómìnà kò sì lè yàn wọ́n. Adájọ́ mẹ́fà gbà, ẹnì kan yapa. Ìdí ni pé káńsù ló ni owó náà, ìránṣẹ́ lásán ni ìpínlẹ̀, iṣẹ́ tí a rán an kò sì yọrí. Òfin sì ní ìgbìmọ̀ tí a dìbò yàn ló gbọ́dọ̀ wà ní káńsù."

Ìyá kan tó ń tajà ní ọjà Kúbwà ló béèrè ìbéèrè tó kẹ́yìn: ṣé àṣẹ náà kan káńsù Bwari tí a wà lábẹ́ rẹ̀? Mo ní kí a wo àwọn olùjẹ́jọ́. Ìpínlẹ̀ 36 ni, Àbújá kò sí lára wọn, nítorí Àbújá kì í ṣe ìpínlẹ̀, kò ní gómìnà. Káńsù mẹ́fà ló wà níbí, àjọ elétò ìdìbò ti ìjọba àpapọ̀ ló sì ń ṣètò ìdìbò wọn, kì í ṣe àjọ ìpínlẹ̀ kankan. Ẹni tí wọn kò pè lẹ́jọ́, àṣẹ tí a pa fún olùjẹ́jọ́ kò mú un. Ìdí inú ìdájọ́ yìí, pé káńsù ló ni ìpín rẹ̀, ni ẹni tó bá ní ẹ̀sùn nípa owó Bwari lè gbé lọ síwájú adájọ́. Àmọ́ ó ní láti pe ẹjọ́ tirẹ̀, kó sì dárúkọ ẹni tó gba owó náà lọ́nà.